AI, ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ, ìkẹ́kọ̀ọ́ jíjìn, sìtátísítíìsì: ṣé ohun kan náà ni?

ỌmọTuntun_Abẹ́òkúta

Mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi gbogbo tí mo bá yíjú sí, AI ni, máṣíìnì lánìǹ ni, dípù lánìǹ ni, sìtátísítíìsì ni. Ẹnì kan ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹlòmíràn ní ọ̀kan wà nínú èkejì bí abọ́ inú abọ́. Èwo ni òótọ́, èwo ni kí n sì kọ́kọ́ mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí mo lè fojú rí ṣàlàyé, n kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

---

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ká má kúrò lórí rẹ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ jìbìtì. “A ti ti BVN yín pa. Ẹ tẹ líǹkì yìí kí àkáǹtì yín tó kú.” A fẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ mọ irú èyí yàtọ̀ sí àtẹ̀jíṣẹ́ gidi tó wá láti báǹkì tàbí lọ́dọ̀ ará ilé.

Ọ̀nà kan ni pé kí èèyàn jókòó, kó ro ohun tí àwọn oníjìbìtì máa ń kọ, kó sì kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀:

```python
ise = input()
if "BVN" in ise and "http" in ise:
    print("jibiti")
```

Kọ̀ǹpútà kò kọ́ ohunkóhun níbí. Èèyàn ló mọ̀ ọ́n, òun ló sì pa á láṣẹ. Síbẹ̀ AI ni, nítorí orúkọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ni AI, kì í ṣe orúkọ ọ̀nà tó gbà ń ṣe é. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣe é, a ó sọ pé ó lo làákàyè, AI là ń pè é bí ẹ̀rọ bá ṣe é. John McCarthy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi orúkọ yìí pe ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Dartmouth, ní Amẹ́ríkà, ní 1956. Nígbà tí Deep Blue, kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ IBM, na Garry Kasparov, ọ̀gá ayé nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, ní 1997, ìmọ̀ tí àwọn èèyàn fọwọ́ kọ sínú rẹ̀ àti yíyára ìṣirò ni ó fi ṣe é jù lọ: ó ń yẹ nǹkan bí mílíọ̀nù 200 ipò ọmọ ayò wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìyẹn kì í ṣe AI.

Ọ̀nà kejì: a kò kọ òfin kankan. A kó àtẹ̀jíṣẹ́ 500 jọ, èèyàn ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ “jìbìtì” tàbí “dáadáa” sí i. Kọ̀ǹpútà ló máa wá inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti mọ ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí jìbìtì àti bó ṣe ń tọ́ka tó. Ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ nìyẹn, tí ìwọ pè ní máṣíìnì lánìǹ. Ohun tó yí padà ni ibi tí òfin ti wá. Ní ti àkọ́kọ́, orí èèyàn ni. Ní ti èkejì, inú àpẹẹrẹ ni.

Ìkẹ́kọ̀ọ́ jíjìn, tí ìwọ pè ní dípù lánìǹ, kàn jẹ́ irú kan lára ọ̀nà kejì yìí. Màá padà sórí rẹ̀.

Abọ́ inú abọ́ tí wọ́n sọ fún ọ, ó bá mẹ́ta mu: ìkẹ́kọ̀ọ́ jíjìn wà nínú ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ, ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ wà nínú AI. Sìtátísítíìsì ni kò wọ inú abọ́ kankan.

---

Onísirò_Ọ̀yọ́

Mi ò gbà. Ọ̀nà kejì tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn, sìtátísítíìsì pọ́ńbélé ni, ẹ kàn wọ aṣọ tuntun fún un ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín.

Ká ní nínú 500 yẹn, 100 jẹ́ jìbìtì, 400 jẹ́ dáadáa. A ka ọ̀rọ̀ náà “BVN”: ó wà nínú 40 lára ti jìbìtì, ó sì wà nínú 8 péré lára ti dáadáa. Àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun wọlé, “BVN” wà nínú rẹ̀. Kí ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́?

Ẹni tó bá kánjú yóò ní 40 nínú 100. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní “BVN” nínú jẹ́ 48, 40 nínú wọn ni jìbìtì. 40 pín sí 48 jẹ́ nǹkan bí 83 nínú ọgọ́rùn-ún. Èrò Thomas Bayes nìyí, ọdún 1763 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà náà, ta ló mọ kọ̀ǹpútà? Ẹ wo ìpín tí “líǹkì”, “kíákíá” àti “àkáǹtì” náà kó nínú jìbìtì àti nínú dáadáa, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpín ẹ̀gbẹ́ náà nínú 500, ẹ fi méjèèjì wéra, ó parí. Ibo ni “ẹ̀rọ” ti kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀?

---

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Ìṣirò yín péye, ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ sì parí ọ̀rọ̀ sí ni a ti yà. Nígbà tí ẹ ní “ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn”, ẹ ti gbà pé ọ̀rọ̀ kan kò ní í ṣe pẹ̀lú èkejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni. Ibi tí “BVN” bá wà nínú jìbìtì, “àkáǹtì” kì í jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni ẹ ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Oníṣẹ́ sìtátísítíìsì tó bá ń wá òótọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn pọ̀ yóò da irú módẹ̀lì yẹn, ìyẹn ètò ìṣirò tó kọ́ látinú àpẹẹrẹ, nù.

Ẹni tó ń ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ kò ní dà á nù. Ó máa gbé e lọ sórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí módẹ̀lì kò rí rí, yóò wò ó bóyá ó ń yà wọ́n dáadáa. Ó sì sábà máa ń yà wọ́n dáadáa, irọ́ inú rẹ̀ kò ba ìyàsọ́tọ̀ náà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà jẹ́ ni nọ́ńbà ìdánilójú tó ń sọ. Yóò ní “ó dá mi lójú 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún” níbi tó yẹ kó sọ 80. Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ tó yà á sí, ẹ má gba nọ́ńbà rẹ̀.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Irinṣẹ́ lè jẹ́ ọ̀kan náà, ìbéèrè ni kò jọra. Sìtátísítíìsì ń béèrè pé “Báwo ni nǹkan yìí ṣe rí gan-an, báwo ló sì ṣe dá mi lójú tó?” Ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ń béèrè pé “Èyí tó ń bọ̀ lọ́la, ṣé màá mọ̀ ọ́n?”

Ohun kan tó máa ń mú àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìlọ́po yẹn: ká ní “ẹ̀gbọ́n” wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ dáadáa 30, kò sì sí nínú jìbìtì kankan. Òdo nìyẹn fún jìbìtì. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ di ìlọ́po òdo, òdo ni. Oníjìbìtì tó bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ̀gbọ́n” yóò kọjá, ì báà kọ BVN lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi 1 kún iye tí a kà fún gbogbo ọ̀rọ̀ kí a tó ṣírò. Nínú `MultinomialNB`, ètò inú scikit-learn tó ń ṣe irú ìṣirò yìí, `alpha=1.0` ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ má sọ ọ́ di 0.

---

Ìyá_Oníṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi náà ní ti èmi. Mo ń kọ iye tí mo ń tà lóṣooṣù sínú Excel, ó ti pé ọdún méjì. Ẹnì kan ní kí n sanwó kí òun bá mi ṣe AI tí yóò máa sọ iye ìrẹsì tí màá kó fún oṣù tó ń bọ̀. Ṣé dípù yẹn ni kí n ní kó ṣe?

---

Àdùkẹ́_Dátà

Ìyá mi, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ọdún méjì lóṣooṣù jẹ́ nọ́ńbà 24. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni oṣù Kejìlá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kankan kò lè fi Kejìlá méjì mọ ìwà Kejìlá.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Tí ẹ bá ń múra oṣù Kẹjọ, ẹ mú iye tí ẹ tà ní oṣù Kẹjọ èṣí. Ẹ wá wo oṣù mẹ́ta tó kọjá lọ́dún yìí, kí ẹ fi wé oṣù mẹ́ta kan náà lọ́dún tó kọjá. Bí ó bá jẹ́ àpò 90 lọ́dún tó kọjá, tó sì jẹ́ 108 lọ́dún yìí, ó ti fi ìdá márùn-ún kan gbéra. Ẹ fi ìdá márùn-ún kan kún ti Kẹjọ èṣí. Bí èṣí bá jẹ́ 30, ẹ kó 36. Iye àpò ni kí ẹ kà, kì í ṣe náírà, torí owó ìrẹsì kì í dúró lójú kan, ẹ ó rò pé ọjà pọ̀ sí i nígbà tó jẹ́ pé iye owó ló gbówó lórí.

Bí ẹni yẹn bá ṣì ní AI òun dára jù, ẹ ní kó fi oṣù mẹ́fà tó kọjá dán an wò, kó má jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ rí oṣù mẹ́fà yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣe tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣìnà tó kéré jù ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

---

Ìyá_Oníṣọ́ọ̀bù

Ó yé mi. Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Àpò ni mo kọ, mi ò kọ owó, Ọlọ́run ṣeun.

---

Ògo_Dípù

Ẹ ń fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ dá ọmọ ẹni dúró. Ìkẹ́kọ̀ọ́ jíjìn ti gba ipò gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè, ẹ̀rọ tó ń mọ ojú èèyàn nínú àwòrán, èyí tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ jíjìn ni. Ẹ ní kó lọ tààrà síbẹ̀. Kíka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kò tiẹ̀ mọ̀ pé “a kò ní béèrè BVN yín láé” yàtọ̀ sí “ẹ fún wa ní BVN yín”.

---

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Ibi tí o parí sí yẹn gan-an ni agbára ìkẹ́kọ̀ọ́ jíjìn, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ti da ètò gbólóhùn nù kó tó bẹ̀rẹ̀. “Ajá bu Òjó jẹ” àti “Òjó bu ajá jẹ”, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀.

ỌmọTuntun, ohun tí “jíjìn” túmọ̀ sí rèé. Nínú ọ̀nà kíka, ìgbésẹ̀ kan péré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ àti ìdáhùn: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, a ro wọ́n pọ̀, ó tán. Nínú ìkẹ́kọ̀ọ́ jíjìn, ìpele pọ̀ láàárín. Ìpele àkọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, èyí tó tẹ̀ lé e wo bí ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí ara wọn ṣe ń kan ara wọn, èyí tó wà lókè rẹ̀ tún fi àbájáde ìyẹn ṣe òmíràn. Èèyàn kò sọ fún ìpele kankan ohun tí yóò máa wò. Gbogbo wọn ń tún ara wọn ṣe pọ̀ nígbà tí ìdáhùn bá ṣì. Jíjìn rẹ̀ ni pípọ̀ ìpele, kò túmọ̀ sí pé òye rẹ̀ jinlẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo iye nọ́ńbà tó yẹ kó kọ́. Ká ní ọ̀rọ̀ 3,000 ló wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ wa. Módẹ̀lì onígbésẹ̀ kan tó fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan, yóò kọ́ nọ́ńbà 3,001. Fi ìpele kan péré tó ní ojúkò 100 sáàárín, tí ojúkò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ fún gbogbo ọ̀rọ̀, ó di 300,201. Àtẹ̀jíṣẹ́ 500 ni a ní. Nọ́ńbà 300,201 lórí àpẹẹrẹ 500, kò ní kọ́ ohunkóhun kó tó há gbogbo 500 sórí bí ọmọ tó há ìdáhùn ìdánwò èṣí sórí.

Bí o ṣe máa mọ̀ rọrùn: dán an wò lórí èyí tó fi kọ́, yóò gba 100 nínú 100. Gbé èyí tí kò rí rí fún un, ó lè já wálẹ̀ sí 80. Bí àlàfo àárín méjèèjì bá ṣe gbòòrò tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe há a sórí tó.

---

Ògo_Dípù

Ẹ̀yin ń sọ ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀? A máa mú módẹ̀lì tí ẹlòmíràn ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, a ó kàn fi 500 tiwa tọ́ ọ sọ́nà. AfriBERTa wà láti 2021, èdè Áfíríkà 11 ni wọ́n fi kọ́ ọ, Yorùbá wà níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì lò kò tó gígábáìtì kan. Ó ti mọ bí gbólóhùn ṣe ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

---

Àdùkẹ́_Dátà

Ògo ní ẹ̀tọ́ níbí, Alágbẹ̀dẹ, ẹ gbà fún un. 500 lè tó bí módẹ̀lì bá ti gbọ́ èdè tẹ́lẹ̀. “Ìkẹ́kọ̀ọ́ jíjìn nílò dátà púpọ̀” ṣì jẹ́ òótọ́, ẹlòmíràn ló ti san gbèsè dátà yẹn ni.

Ohun tí n kò gbà ni “lọ tààrà síbẹ̀”, ìdí mi sì ni pé àṣìṣe tó ń pa iṣẹ́ yìí kì í sí nínú módẹ̀lì. Inú ìdánwò ló máa ń wà, módẹ̀lì tó jinlẹ̀ kò sì gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́ta.

Àkọ́kọ́: àkójọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà tí gbogbo ayé fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, SMS Spam Collection ni wọ́n ń pè é. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ní 5,574, nínú rẹ̀ 747 ni ti ẹlẹ́tàn àti onípolówó tí kò níye, 4,827 ni ti dáadáa. Ẹ kọ ètò tó ń dáhùn “dáadáa” sí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ láìwo nǹkan kan. Yóò gba 4,827 nínú 5,574, ìyẹn nǹkan bí 86.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tíì mú ẹlẹ́tàn kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní “AI mi gba 87 nínú ọgọ́rùn-ún”, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi í. Nínú gbogbo jìbìtì tó wà, mélòó lo mú? Nínú gbogbo èyí tí o pè ní jìbìtì, mélòó ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́? Èkejì ló ń dun oníbàárà jù, torí àtẹ̀jíṣẹ́ gidi láti báǹkì tó bọ́ sínú àpótí jìbìtì, kò ní rí i.

Èkejì: oníjìbìtì kì í kọ lẹ́tà tuntun fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kan náà ló ń rán sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, nọ́ńbà fóònù nìkan ló ń yí padà. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ rú, tí ẹ fi 400 kọ́ ẹ̀rọ, tí ẹ fi 100 dán an wò, ìbejì ohun tó fi kọ́ ni ẹ tún fi dán an wò. Yóò gba 99, ẹ ó máa jó. Ẹ yọ gbogbo nọ́ńbà kúrò nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ wo àwọn tó di ọ̀kan náà, kí ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má dà wọ́n rú: ẹ fi ti oṣù tó ti kọjá kọ́ ọ, kí ẹ fi ti oṣù tó tẹ̀ lé e dán an wò. Ní oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn so NIN mọ́ síìmù. Módẹ̀lì tó kọ́ ẹ̀kọ́ látinú àtẹ̀jíṣẹ́ 2019 kò mọ “NIN” sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn. Ìdánwò tó tẹ̀ lé ọjọ́ ló lè fi irú àléébù yẹn hàn, dída-rú máa bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n Onísirò, tiyín ni.

---

Onísirò_Ọ̀yọ́

Mo mọ ibi tí ẹ ń lọ. 83 tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan.

Mo lo 100 jìbìtì nínú 500, ìyẹn ẹyọ kan nínú márùn-ún. Bóyá torí pé ẹni tó kó wọn jọ mọ̀ọ́mọ̀ wá jìbìtì ló fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ká ní nínú fóònù gidi, ẹyọ kan nínú ogún ni. Nínú 500, 25 ni jìbìtì, 475 ni dáadáa. Bí “BVN” bá ṣì wà nínú 40 lára 100 jìbìtì, 10 nìyẹn. Bó bá ṣì wà nínú 2 lára 100 dáadáa, bí ti tẹ́lẹ̀, 9.5 nìyẹn. 10 nínú 19.5 jẹ́ nǹkan bí 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, oníjìbìtì kò yí padà, 83 di 51. Iye jìbìtì tó wà nínú ọjà ló yí padà. Ẹni tó gbé módẹ̀lì rẹ̀ jáde láìbéèrè bí wọ́n ṣe kó àpẹẹrẹ jọ yóò máa fi ẹ̀sùn kan àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ṣẹ̀.

Èyí tún wà. Ẹ dán módẹ̀lì méjì wò lórí àtẹ̀jíṣẹ́ 100. Ọ̀kan gba 95, èkejì gba 93. Ògo yóò ní ti 95 ló dára jù. 95 nínú 100 yẹn, agbára rẹ̀ gan-an lè wà níbikíbi láti nǹkan bí 89 dé 98. 93 wà láàárín rẹ̀ dáadáa. Àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ló yà wọ́n, ó lè jẹ́ oríire lásán. Mo ti gbà pé ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní ìbéèrè tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbà pé láìsí sìtátísítíìsì, ẹ kò mọ̀ bóyá ẹ dáhùn ún.

---

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Mo gbà.

---

Akọ̀wé_Èdè

Ẹ ti gbàgbé èdè tí a fi ń kọ ọ́. Mo dán ètò scikit-learn tó ń ka ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí wò lórí Yorùbá, mo ní kó tẹ àwọn ọ̀rọ̀ tó kà jáde:

```python
from sklearn.feature_extraction.text import CountVectorizer
v = CountVectorizer()
v.fit(["ọ̀rọ̀ owó"])
print(v.get_feature_names_out())
```

“ọ̀rọ̀” jáde bí “rọ”. Kí ló gé e?

---

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Àmì ohùn ló gé e. Kò sí lẹ́tà “ọ̀” gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. “ọ” wà, àmì ohùn rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹyọ mìíràn. Ètò yẹn ń ka lẹ́tà àti nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀, kò ka àmì yẹn sí lẹ́tà, nítorí náà ó gé ọ̀rọ̀ níbẹ̀. “ọ” àkọ́kọ́ di ẹyọ lẹ́tà kan, ó sì máa ń da ọ̀rọ̀ onílẹ́tà kan nù. Ohun tó ṣẹ́ kù ni “rọ”. Kò ní kígbe, kò ní fi àṣìṣe hàn. Módẹ̀lì yóò kàn máa kẹ́kọ̀ọ́ látinú àfọ́kù ọ̀rọ̀. Fi èyí sí i kó lè máa gé ní ibi àlàfo nìkan:

```python
v = CountVectorizer(token_pattern=r"\S+")
```

Àléébù tirẹ̀ ni pé “BVN,” àti “BVN” yóò di ọ̀rọ̀ méjì, torí kọ́mà. Kí o yọ àmì ìdánudúró kúrò ṣáájú.

---

Akọ̀wé_Èdè

Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí àtẹ̀jíṣẹ́. “owo” àti “owó” ti di ọ̀rọ̀ méjì báyìí, ìdajì ẹ̀rí ń lọ síbí, ìdajì ń lọ sọ́hùn-ún.

---

Àdùkẹ́_Dátà

Fún iṣẹ́ jìbìtì, mo ní kí ẹ yọ gbogbo àmì, `strip_accents="unicode"`. Kò sí ẹni tó ń fi àmì ohùn kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lójú ọ̀nà.

---

Akọ̀wé_Èdè

Ìyẹn yọ àmì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. “ọkọ”, “okó” àti “oko” di ọ̀kan. Ẹ̀yin ń pa èdè nítorí pé ó rọrùn fún ẹ̀rọ.

---

Àdùkẹ́_Dátà

Kò sí ohun tí mo pa, àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣì wà bó ṣe wà, ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ń kà ni mo yọ àmì lára rẹ̀. Fún ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè tàbí tó ń ka ìwé sókè, mi ò ní yọ ohunkóhun. Iṣẹ́ ló ń sọ ọ́.

---

Akọ̀wé_Èdè

Mi ò tíì gbà. Ẹ dán méjèèjì wò lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà kí ẹ tó pinnu.

---

ỌmọTuntun_Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ inú fóònù mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi: 212. Mo fọwọ́ kọ àmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 31 ló jẹ́ jìbìtì. Nígbà tí mo yọ nọ́ńbà kúrò bí Àǹtí Àdùkẹ́ ṣe ní, 31 di 14. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ báyìí?

---

Àdùkẹ́_Dátà

14 kò tó. Bí o bá fi 10 kọ́ ọ, mẹ́rin péré ló kù láti fi dán an wò. Bó bá mú mẹ́ta, ìwọ yóò ní 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá mú gbogbo rẹ̀, o ó ní 100. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló fa ìyàtọ̀ yẹn.

Nísinsìnyí, òfin ni kí o kọ. Ka mẹ́rìnlá náà, wo ohun tó so wọ́n pọ̀, kọ òfin mẹ́ta tàbí mẹ́rin bí ti Alágbẹ̀dẹ lókè. Kọ iye tó mú sílẹ̀, kí o sì kọ iye àtẹ̀jíṣẹ́ dáadáa tó fẹ̀sùn kàn lásán. Nọ́ńbà méjì yẹn ni módẹ̀lì tí o bá kọ́ lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ borí. Máa bá kíkó jọ lọ, béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́, kí o sì kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí o tó gbàgbé. Pa orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ́ nínú ti ẹlòmíràn kí o tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ.

Bí jìbìtì tí kò jọra bá ti lé ní 100, padà wá, ká jọ ṣe é pẹ̀lú `MultinomialNB`.

---

Onísirò_Ọ̀yọ́

Kí o sì máa kọ iye gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, kì í ṣe ti jìbìtì nìkan. Láìsí ìyẹn, o kò ní mọ̀ bóyá ẹyọ kan nínú márùn-ún ni tàbí ẹyọ kan nínú ogún.